Ìró Fáàfù inú Àyà Ọkọ Mi

Bí ẹ bá jókòó ti ọkọ mi níbi tí kò sí ariwo, ẹ ó gbọ́ fáàfù, ilẹ̀kùn àtọwọ́dá tí wọ́n fi sínú ọkàn rẹ̀. Ó máa ń dún tẹ́k, tẹ́k, tẹ́k, bí aago ọwọ́ tí ènìyàn gbàgbé sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà tó kọ́kọ́ ti ilé ìwòsàn dé, ìró yẹn ò jẹ́ kí n sùn, mo sì máa ń bú u. Mo ní kí ló dé tí n kò fẹ́ ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ máa ń dákẹ́. Á rẹ́rìn-ín, á ní ọkùnrin pọ̀ ládùúgbò wa l'Ọ́gbà, kí n lọ mú ọ̀kan. Nígbà tó yá, bí n kò bá gbọ́ ọ, n kì í lè sùn mọ́.

Alápatà ni, ní Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Àwọn dókítà ní ọ̀nà ọ̀fun tó máa ń dùn ún ní kékeré l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tọ́jú, ló ba ilẹ̀kùn kan jẹ́ nínú ọkàn rẹ̀. Àwa rò pé iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí kò lè gbé itan màlúù mọ́, tó jẹ́ pé ìjókòó ló fi ń sùn nítorí èémí, la tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá oògùn ara ríro àti ìsinmi.

Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, obìnrin tí mo jù lọ́jọ́ orí, pe àwa méjèèjì jókòó, ó sì gbé fáàfù méjì sórí tábìlì. Ọ̀kan dúdú, ó le, ó ní ewé pẹlẹbẹ méjì tó ń ṣí tó sì ń padé. Gbogbo wa ń pè é ní ti irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ní kì í ṣe irin.

"Eléyìí kì í gbó bọ̀rọ̀," ó ní. "Ó lè bá yín dé ọjọ́ ogbó. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ máa ń fẹ́ dì sí i lára. Ẹ ó máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, lójoojúmọ́, ní gbogbo ọjọ́ ayé yín, ẹ ó sì máa wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé. Bí oògùn yẹn bá pọ̀ jù lára, ẹ ó máa ṣẹ̀jẹ̀. Bó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ á dì."

Èkejì funfun, ó rọ̀. "Awọ tó bo ọkàn màlúù ni wọ́n fi ṣe èyí. Oṣù díẹ̀ lẹ máa fi lo oògùn yẹn fún un. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbó, ó sì máa ń yára gbó jù lára ọ̀dọ́ bíi tiyín. Ó lè tó ọdún mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Nígbà náà a ó tún la àyà yín."

Ọkọ mi mú ti funfun náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, awọ yìí ni mo máa ń bó jù sí ajá láràárọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí ajá Oko Ọba máa lé mi kiri ni?"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ọkọ mi béèrè bí yóò ti rí bí ọ̀bẹ bá gé e. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò ní tètè dá, ní ti òótọ́, iṣẹ́ ọ̀bẹ àti oògùn yẹn ò bára mu, bí kò bá lè fi ọ̀bẹ sílẹ̀, kó yáa gba ti màlúù.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi rò ó. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ló kó ọ̀bẹ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní, "Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n là mí lẹ́ẹ̀mejì. Màlúù gan-an, ẹ̀ẹ̀kan là ń pa á." Bó ṣe gba ti irin nìyẹn.

Ó sì dára fún un. Ó di ẹni tó ń bá àwọn Hausa tó ń kó màlúù wá dúnàádúrà, kò mú ọ̀bẹ mọ́, kódà èmi ni mò ń gé èékánná fún un. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àyẹ̀wò náà ti fà wá létí: kó má ṣe pa oògùn jẹ, kó má ṣe fi oògùn ara ríro kún un fúnra rẹ̀, kó má ṣe mu àgbo láìsọ. Ó lè jẹ ẹ̀fọ́, àmọ́ kó máa jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, kó má jẹ́ pé kò jẹ ẹ́ rárá lọ́sẹ̀ yìí, kó wá jẹ odidi ìkòkò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń sùn, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ìró yẹn yí padà, tàbí pé ó dákẹ́, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́." Ọkọ mi pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ ọkọ mi mọ̀ pé bí ó bá ti fẹnu sọ ọ́, ó parí.

Ìyá ọkọ mi wá gbé lọ́dọ̀ wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni ẹ̀jẹ̀ lára pákò tí ọmọ wọn fi rin ẹnu. Ohun kejì ni bándéèjì kékeré tó gbé dé láti ibi àyẹ̀wò.

"Wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?" Màmá ké. "Lóṣooṣù? Ẹ̀jẹ̀ wo ló wá kù lára ọmọ mi?"

Ẹ bá mi débẹ̀. Nílé wa, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá dínkù lára rẹ̀, omi ugu ni. Ẹni tó bímọ, ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, wọn á gún ewé ugu tútù, wọn á fún omi rẹ̀, wọn á da wàrà inú agolo sí i. Mo mu ún nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Màmá gbin ugu sí ẹ̀yìn ilé, ó sì fà gba orí ọgbà lọ. Láràárọ̀, ife ńlá kan, ó tutù, ó ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ò fẹ́ràn ìtọ́wò rẹ̀. Ó ń mu ún nítorí ìyá rẹ̀.

Nígbà tó tún lọ ṣe àyẹ̀wò, mo tẹ̀lé e. Èsì rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń tètè dì. Dókítà ọkùnrin kan ló bá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ṣé ẹ pa oògùn jẹ ni?"

"Rárá o."

"Ẹ ń mu àgbo?"

"Rárá."

"Oúnjẹ yín ńkọ́, ẹ ti yí i padà?"

"Bí mo ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ náà ni."

Gbogbo ohun tó sọ pátá, òótọ́ ni lójú tiwa. Omi ugu kì í ṣe oúnjẹ. Kì í ṣe àgbo, kì í ṣe oògùn. Ẹ̀jẹ̀ là ń pè é. Ta ni yóò ka ẹ̀jẹ̀ mọ́ oúnjẹ?

Dókítà náà mi orí. "Bàbá, ẹ má parọ́ fún wa. Ẹni tó ń lo oògùn yìí, èsì rẹ̀ kì í rí báyìí." Ó fi kún oògùn rẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Inú bí ọkọ mi dé ìdí. Wọ́n pè é ní òpùrọ́ níṣojú ìyàwó rẹ̀! Inú bí èmi náà, torí mo máa ń rí i bó ṣe ń gbé oògùn náà mì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yẹn pé, Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Oko Ọba sì ti kún fọ́fọ́. Ó ní lẹ́yìn Iléyá lòun máa padà lọ, kí inú òun lè rọ̀ kí òun tó tún rí ọmọkùnrin dókítà yẹn. Ó ń lo oògùn tí wọ́n fi kún un. Ó sì ń mu omi ugu.

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn tó kí ìrun Àsùbáà, ó jókòó sórí ẹní. Iná ò sí, àwọn aládùúgbò ò sì tíì tan jẹnẹrétọ̀. Irú àkókò yẹn ni ìró rẹ̀ máa ń gba gbogbo yàrá. Mo ń ká aṣọ. Ọwọ́ mi dúró lójijì, n kò mọ ohun tó dá a dúró. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀, mo gbé etí lé e láyà. Ọkàn rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n ó ń dún wúkẹ́, wúkẹ́, bí ẹni fi aṣọ bo ilẹ̀kùn.

Ìgbà náà ni Màmá wọlé pẹ̀lú ife. Àwọn náà tẹ́tí.

"Alhamdulillahi!" ni wọ́n wí. "Ó ti mọ́ ọn lára. Mo ti ń tọrọ pé kí irin yẹn sinmi ariwo lára ọmọ mi."

Mo rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ẹ dìde, ilé ìwòsàn là ń lọ."

"Lẹ́yìn Iléyá," ọkọ mi ní. "Àyà ló kàn ń há mi díẹ̀ láti àná."

N kò jágbe mọ́ ọn rí níwájú ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo jágbe mọ́ àwọn méjèèjì, mo fa apá rẹ̀ títí a fi wọ kẹ̀kẹ́. Kí a tó dé Àgídìngbì lójú ọ̀nà, kò lè sọ̀rọ̀ kan parí lẹ́ẹ̀kan kó tó mí.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dì mọ́ fáàfù náà, ewé kan ò ṣí mọ́, èkejì ń tiraka. Wọ́n fi oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sí i lápá, wọ́n sì ń pe àwọn oníṣẹ́ abẹ. Dókítà ọkùnrin yẹn wà níbẹ̀, ó ń sáré síwá sẹ́yìn. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú.

"Ìyàwó," ó ní, "mo lo oògùn mi o. Bá mi sọ fún un."

Kò pẹ́ sí i ni ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ sì rọ. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti lọ sí ọpọlọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Dókítà náà ló wá bá mi níta. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó tún béèrè, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ṣé nǹkan kan wà, ohunkóhun, tó máa ń mu. Mo ní omi ugu, láràárọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní ohun tó wà nínú ewé tútù ló ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì, ohun náà gan-an ni oògùn ọkọ mi ń bá jà. Ó ní ugu ò burú, ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ì bá wọn oògùn mọ́ ọn.

"Kò parọ́," mo ní.

"Kò parọ́," ó ní. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

Ta ni mo fẹ́ bẹ̀?

Lẹ́yìn àdúrà fìdáù, nígbà tí èrò ti lọ, Màmá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni dókítà sọ pé ó pa ọmọ àwọn. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ló dì.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣáà ti ń dáa bọ̀," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń mi orí. "Ó ti ń dáa bọ̀, èmi fúnra mi rí i."

Wọ́n dìde lọ sẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ ìró odó níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ife ńlá yẹn ló wà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ wọn méjèèjì ṣì tutù fún omi ewé títí dé ọrùn ọwọ́.

"O ò jẹun láti ọjọ́ yẹn," wọ́n ní. "Ẹkún ti fa gbogbo ẹ̀jẹ̀ rẹ tán. Gbà, ìyàwó mi, mu ún. Ìwọ nìkan ló kù tí mo lè tọ́jú."

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé n kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo gba ife náà, mo mu ún tán, mo sì ní, "Ẹ ṣé, Màmá."