Òwú Gíláàsì Lára Páìpù Tútù

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í bá àna ẹni jiyàn. Èmi tí inú mi tètè ń ru, tí mo lè dúró ní oríta Takie nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ kí n máa bá ọlọ́kadà fa ọ̀rọ̀ títí èrò á fi pé lé wa lórí, bí mo bá ti rí ìyá ìyàwó mi, ohùn mi á lọ sílẹ̀. Ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilé iṣẹ́ wọn pa.

Ilé iṣẹ́ kajú ni, lójú ọ̀nà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìrẹsà. Èmi ni mo ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, ìyàwó mi sì wà lára àwọn obìnrin tó ń di kajú sínú ọ̀rá. Páìpù tó ń gbé oru láti ara bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí a fi ń hó omi, lọ síbi tí a ti ń se kajú wà níhòòhò nígbà náà. Oru á ti tutù lójú ọ̀nà, á di omi kó tó débẹ̀, kajú ò sì ní jinná kárí. Mo fi òwú gíláàsì, irú èyí tó ń yún ni lára, wé páìpù náà nípọn, mo fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Kajú bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, èèpo kajú tí a ń kó sínú iná bọ́ílà sì dín kù. Inú ìyá dùn sí mi gan-an.

Nígbà tí mo wá so páìpù ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ sókè tábìlì tí wọ́n ti ń di kajú, mo ní kí ìyá jẹ́ kí n lọ ra rọ́bà dúdú tí a fi ń wé páìpù tútù. Ìyá ní òwú ṣì kù. Mo ṣàlàyé pé atẹ́gùn ń gba inú òwú kọjá, pé bó bá ti kan páìpù tútù, omi inú atẹ́gùn á sẹ̀ síbẹ̀ bí òógùn, òwú á sì mu ún yó. Mo ní atẹ́gùn ò lè gba inú rọ́bà kọjá, ṣùgbọ́n a ò lè fi wé páìpù oru, torí á jóná.

“Páìpù ni páìpù, ọkọ ọmọ mi,” ni wọ́n wí.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi òwú wé e.

Ọyẹ́ ló wà níta. Atẹ́gùn gbẹ, páìpù náà sì gbẹ. Lójoojúmọ́ ni ìyá ń bi mí níwájú àwọn obìnrin pé òógùn mi dà, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, mo ń rẹ́rìn-ín náà.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ mọ́jú ọjọ́ tí ọkùnrin tó fẹ́ ra ọjà wa ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Ìyá ti sọ pé bí kò bá rà á, àwọn á ti ilé iṣẹ́ náà, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, òwú ti wú, ó ti rọ̀ dẹ̀ẹ̀dẹ̀ẹ̀, omi sì ń kán sórí kajú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó mi ń fi aṣọ nu tábìlì.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Takie, mo ra rọ́bà àti gọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo padà dé, mo ní kí àwọn obìnrin di gbogbo kajú tó gbẹ sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ amúlétutù, torí gọ́ọ̀mù ò ní mú lára páìpù tó tutù. Ìyá kọ̀. Wọ́n ní oníbàárà ò gbọdọ̀ bá yàrá gbígbóná.

“Mà, ẹ pa á,” ni mo wí. Ohùn mi le. Ìyàwó mi wojú mi bíi pé mo ti kú. Ìyá dìde, wọ́n lọ pa á fúnra wọn.

Mo já òwú dànù, mo nu páìpù gbẹ, mo ń wọ rọ́bà sí i, mo ń lẹ gbogbo ojú ibi tí ó ti pàdé, torí ihò kékeré kan ti tó kí omi tún bẹ̀rẹ̀. N kò tíì dé ìdajì tí ọkọ̀ fi dúró níta. Ọkùnrin náà wọlé, ó wo òwú tútù nílẹ̀, ó wò mí lórí àkàsọ̀, ó bèèrè ta ni oníṣẹ́ tó fi irú èyí wé páìpù tútù. Ojú tì mí.

“Èmi ni,” ni ìyá wí. “Ó sọ fún mi, mi ò gbọ́.”

Mi ò tíì rí àgbàlagbà tó sọ bẹ́ẹ̀ fún àlejò rí. Ọkùnrin náà ò ra nǹkan kan. Ó ní òun á padà wá wo yàrá náà lẹ́yìn òjò mìíràn. Ìyá ní àwọn ò ní tíì ti ilé iṣẹ́, àwọn á dúró de òjò náà, èmi náà sì wé páìpù náà tán.

Òjò yẹn dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìyá gbé àga sábẹ́ páìpù, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè lórí tábìlì, wọ́n jókòó síbẹ̀ títí òjò fi dá. Wọ́n na ọwọ́ náà sí mi kí n fọwọ́ kàn án. Ó gbẹ.