Ẹnu Wíwọ́ Tí Dírágónì Mọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Marlys Dombrowski ní ìlú Erie ní Amẹ́ríkà, ẹ má béèrè lọ́wọ́ àgbà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni kí ẹ bi. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè tó ń kó wọn, ó sì ti ń wà á pẹ́ débi pé àwọn tó kọ́kọ́ gbé ti ń fi ọmọ tiwọn lé e lọ́wọ́ báyìí. Ó máa ń wà á nínú yìnyín tó lè mú kí ẹranko béárì padà sílé lọ mú súwẹ́tà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, Marlys jí, ó sì rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì ojú òun ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Igun ẹnu rẹ̀ òsì já wálẹ̀, ojú òsì náà sì dé díẹ̀ bí ojú ẹni tó ń tòògbé lábẹ́ ìwàásù. Dókítà ní iṣan ojú ló ṣàìsàn, ó ní yóò padà bọ̀ sípò. Ti ẹlòmíràn máa ń padà. Ti Marlys gba ìsinmi lọ, kò sì wọlé mọ́. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ti mójú kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ò tíì mójú kúrò títí di òní. Bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, olùtajà á máa pariwo sọ̀rọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bíi pé ẹnu tó wọ́ ló fi ń gbọ́ràn.

Obìnrin yìí máa ń kọ ìtàn. Ní gbogbo ọjọ́ ìṣẹ́gun, ó máa ń lọ sí ilé ìkàwé ìlú, níbi tí Wendell Oakes ti ń darí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé kéékèèké. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni Wendell, irùngbọ̀n rẹ̀ sì lè fi adìyẹ méjì pamọ́ lọ́wọ́ àṣá. Lọ́dún yìí, wọ́n fẹ́ ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan. Kí kálukú kọ ìtàn kúkúrú tí "èmi" ń sọ, kó sì fi àwòrán ara rẹ̀ tì í, nínú ayé àlá tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Fọ́tò ẹni lèèyàn á gbé fún ẹ̀rọ ayàwòrán orí kọ̀ǹpútà, á wá kọ ìtọ́ni fún un: irú ilẹ̀ tí mo wà nìyí, irú aṣọ tí mo wọ̀ nìyí, ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ojú mi.

Wendell ti kìlọ̀ fún wọn. "Ẹni tó bá rí àwòrán yín gbọ́dọ̀ lè dá yín mọ̀ níbi tí ẹ ti ń ra búrẹ́dì. Mi ò fẹ́ kí ẹ kó omidan ìpolówó ọṣẹ wá bá mi o."

Ìtàn Marlys dùn. Nínú rẹ̀, ìlú kan wà lábẹ́ adágún omi Erie. Dírágónì kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti fọ́ látijọ́ ló ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú náà. Gbogbo ẹlẹ́nu dídùn tó wá bẹ̀ ẹ́ ló gbé mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin ẹlẹ́nu wíwọ́ dé, dírágónì wo ẹnu rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Bí ẹnu náà bá tọ́, kò sí ìtàn. Oúnjẹ ọ̀sán dírágónì lásán nìyẹn.

Marlys mú fọ́tò tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, Kirsten, yà á nígbà Kérésìmesì, ó so ó mọ́ ìtọ́ni rẹ̀: "Lo fọ́tò yìí. Ojú obìnrin náà gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí níbí. Jẹ́ kó dúró lábẹ́ omi níwájú dírágónì, kó wọ ẹ̀wù ìpẹ́ ẹja, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti òkè omi wọlé." Ẹ̀rọ náà ronú díẹ̀, ó sì gbé obìnrin kan jáde tí ẹnu rẹ̀ tọ́ bí ojú irin.

Marlys fi kún un: "Ẹnu rẹ̀ wọ́ wálẹ̀ ní apá òsì." Ẹ̀rọ gbé obìnrin kan wá tó ń yínmú bí ẹni tó gbóòórùn mílíìkì tó ti kan. Ó tún fi kún un. Ó kọ ọ́ ní lẹ́tà ńláńlá. Ìtọ́ni náà gùn títí ó fi ju ìtàn lọ, ẹ̀rọ náà kàn ń fi ẹ̀rín ẹlẹ́wà dá a lóhùn ni.

Ó tẹ èyí tó sàn díẹ̀ nínú wọn jáde, ó gbé e han àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì.

"Ìyá Dírẹ́bà, ta lèyí?"

"Èmi ni, ṣebí ẹ lójú."

"Irọ́! Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn!"

"Àbúrò wọn tó lówó ni," ọmọbìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn. "Ó jọ àwọn tó ń ta ilé lórí tẹlifíṣọ̀n."

Nígbà tó dé ilé ìkàwé ní ọjọ́ ìṣẹ́gun, inú ti ń bí i. "Wendell, ẹ̀rọ yín yìí ò gbọ́ràn. Mo ní kó má tún mi ṣe, ó ń tún mi ṣe."

"Ó máa ń fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì," Wendell dáhùn. "Ojú tó gún ló ti rí jù, ó máa ń fẹ́ fa tèèyàn lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í le tó báyìí. Ẹ jẹ́ n rí fọ́tò tí ẹ fún un."

Ó fẹ fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó wò ó. Ó wo Marlys, ó sì yára gbé ojú kúrò.

"Kí ni? Sọ̀rọ̀, mi ò lè gé ẹ jẹ."

"Màmá, ẹ̀rọ ò ṣẹ̀ yín. Ẹ ní kó má yí ojú inú fọ́tò padà, kò yí i padà. Ọ̀rọ̀ yín ní ẹnu wọ́, fọ́tò yín ní ẹnu tọ́. Àwọn méjèèjì ń jà, fọ́tò sì ń borí."

"Mò ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, ó máa ń tọ́."

Wendell fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú fọ́tò. "Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn yín. Ó tẹ̀ kọrọdọ níbí, ní déédéé ẹnu yín. Lókè, ó tọ́. Nísàlẹ̀, ó tọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí nílé?"

Marlys sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ọkọ mi ló kan férémù yẹn kó tó kú. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe láyé rẹ̀ tó tọ́ nìyẹn."

"Ẹnì kan ti fi fóònù fa ẹnu yín sókè. Bí wọ́n bá fa ojú, ohun tó wà lẹ́yìn ojú máa ń bá a tẹ̀."

Marlys jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ níwájú ilé ìkàwé, ó ṣí àwọn fọ́tò tí Kirsten ti ń fi ránṣẹ́ sí òun àti gbogbo ẹbí láti ọdún mẹ́fà wá. Ọgbà onígi tẹ̀. Igi Kérésìmesì tẹ̀ bí ọ̀mùtí. Àbẹ́là orí àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí tẹ̀. Gbogbo ohun tó wà nílé Dombrowski ló ti wọ́ kí ẹnu ìyá wọn lè tọ́.

Kirsten ń po ìyẹ̀fun fún píẹ́rógì, oúnjẹ àwọn ará Poland tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun di ọ̀dùnkún sínú, nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé. Níbi ìtọ́jú eyín ni Kirsten ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń kí àwọn tó wọlé, eyín tirẹ̀ sì funfun débi pé èèyàn lè fi kàwé lálẹ́.

"Kirsten, ta ló tẹ férémù bàbá ẹ?"

"Férémù wo, Mọ́mì?"

Marlys na fóònù sí i. Kirsten wò ó, ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún lẹ́ẹ̀kejì.

"Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é. Ẹ gbàgbé bí ẹ ṣe sunkún nígbà tí ẹ rí fọ́tò àkọ́kọ́?"

"Mo sunkún lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ wá ń kun mí lọ́dà fún ọdún mẹ́fà?"

"Gbogbo ayé ló ń ṣe é. Mò ń ṣe tèmi náà. Kò sí ẹni tó ń gbé ojú gidi síta mọ́, Mọ́mì."

"Mo rò pé ara mi ń yá ni," Marlys sọ.

Kirsten padà sídìí ìyẹ̀fun rẹ̀.

"Lọ́dọọdún ni mo máa ń tò wọ́n sílẹ̀, mo máa ń wò ó pé ti ọdún yìí sàn ju ti èṣí lọ. Ta ló máa ń rẹ́rìn-ín níwájú dígí? Mo sọ fún dókítà. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe àwọn tó ń mú wèrè. Èmi wá ń bínú sí dókítà!"

"Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ gbà á gbọ́."

"Ọmọ mi ló fún mi. Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́?"

Ó fa àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó jókòó, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀ tààrà, kò rẹ́rìn-ín. "Yà mí. Bí o bá fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, wàá kó ẹrù ẹ kúrò nílé mi." Kirsten yà á, àmọ́ ojú rẹ̀ ò sí lára ìyá rẹ̀ bó ti ń tẹ fóònù.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Marlys àti Wendell gbé fọ́tò tuntun náà fún ẹ̀rọ. Ìtọ́ni ò gùn mọ́: lo ojú inú fọ́tò yìí bó ṣe wà, igun ẹnu òsì já wálẹ̀, ojú òsì dé díẹ̀, má ṣe tún un ṣe, kí ìmọ́lẹ̀ omi wá láti apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti wá. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ṣì jí igun ẹnu náà gbé sókè díẹ̀. Wọ́n ní kó dá a padà, kó má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Ó dá a padà. Marlys rèé lábẹ́ omi nínú ẹ̀wù ìpẹ́ ẹja, ẹnu rẹ̀ wọ́ bí Ọlọ́run àti àìsàn ṣe fi í sílẹ̀, dírágónì náà sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Wendell fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní omi ló bọ́ sí òun lójú. Ní ilé ìkàwé tí kò sí omi.

Ìwé pẹlẹbẹ náà jáde, Marlys sì gbé àwòrán náà sí ojú ewé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí gbogbo ẹbí wà. Àǹtí rẹ̀ tó wà ní Florida ló kọ́kọ́ kọ̀wé: "Kí ló ṣe ẹ́, Marlys? Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?" Ìbátan rẹ̀ kan ní: "Ẹ̀rọ yìí ba ojú ẹ jẹ́ o. Yọ ọ́, fi èyí tó jọ ẹ́ síbẹ̀." Obìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ pé dírágónì náà dára gan-an, àmọ́ ta ni obìnrin yẹn? Kirsten nìkan ni kò kọ nǹkan kan.

Marlys ò yọ ọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde gbàgàdà, ó fi férémù onígi sí i, ó fi lé Kirsten lọ́wọ́, ó ní kó gbé e kọ́ síbi tó bá tọ́ nínú ilé.

Kirsten gbé e yípo ilé fún ìgbà díẹ̀. Ó dúró nínú pálọ̀, ó dúró ní ọ̀nà àbáwọlé, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé. Òkè ẹ̀rọ ìfọṣọ ló gbé e kọ́ sí. Nígbà tí Marlys bi í pé kí ló dé, ó ní ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dára jù lọ.

Kò sí fèrèsé níbẹ̀.