Bí Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo Ṣe Di Ẹrù Ìyàwó Rẹ̀

Èmi ni mo ń wa ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà di ẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ rù mí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó síwájú, kí n máa wakọ̀, kí n sì máa bú àwọn tó ń já wọ ojú ọ̀nà láìwo ọ̀tún láìwo òsì. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, nínú ilé irin tí à ń kó ẹrù sí, iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kì í ṣe pé ìyá kan náà ló bí wa o, iṣẹ́ ló so wá pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo ni gbogbo ayé ń pè é, torí bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn, kó tó kí wọn tán ló ti máa sọ pé: "Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo la máa lọ."

Kì í ṣe oògùn. Àwọn tó ń kó lọ máa ń fẹ́ kí á kó ẹrù bó ṣe ń jáde lẹ́nu ọ̀nà: báàgì, àga, ìgbálẹ̀, páálí bàtà. Kí á tó ṣẹ́jú, wẹ́wẹ́ ti gba gbogbo ọkọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù ńlá wá dúró síta, ó di ìrìn kejì. Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo kì í gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹrù gbọ́dọ̀ jáde síta ná. Á tò wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù títí dé orí èyí tó kéré jù. Ńlá ló máa kọ́kọ́ wọlé, èyí tó bá tẹ̀ lé e á wọ àyè àkọ́kọ́ tó bá gbà á, wẹ́wẹ́ á sì wá dí ihò tó bá ṣẹ́ kù. Èyí tó wúwo á wà nísàlẹ̀, kí ọkọ̀ má baà máa fì. Kò sí ìkòkò tó rin ìrìn òfìfo lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. "Ilé ni ìkòkò," ló máa ń wí, "kí ló dé tí kò ní gba àlejò?"

Kì í sì í purọ́ fún oníbàárà. Oníṣòwò kan ní kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ ju ìlàjì ọkọ̀ wa lọ. Ọkùnrin náà ní tí a bá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, wọn ò kún ọkọ̀ méjì, nítorí náà ìrìn méjì ni. Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo wò ó tàánútàánú.

"Bàbá, ẹ̀ ń rò wọ́n pọ̀ bí omi. Omi ló ń ṣàn. Kọ́bọ́ọ̀dù kì í ṣàn. Méjì nínú wọn ò lè jọ wọ ọkọ̀ kan, ìrìn mẹ́ta ni."

Ìrìn mẹ́ta náà la lọ. Ó fi àga àti páálí dí àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ inú rẹ̀ bàjẹ́ títí a fi parí iṣẹ́, bí ẹni pé wọ́n lù ú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò mọ ibi tí iṣẹ́ parí sí. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Bó ṣe ń di ọkọ̀ náà ló ń di ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, aránṣọ ni, ilé náà ló sì ti ń ránṣọ. Bí oníbàárà bá dé, tí Màmá fẹ́ fún un lómi, ife wà nínú kẹ́tù, kẹ́tù wà nínú ìkòkò, ìkòkò wà nínú bákẹ́ẹ̀tì, bákẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ tábìlì, orí tábìlì náà sì rèé, àpótí mẹ́rin ló dúró lé e. Oníbàárà á ní òùngbẹ ò gbẹ òun mọ́. Sísọ́ọ̀sì Màmá, ọjọ́ tí ó bá rí i, ọdún ni.

Gbogbo ìyẹn, Màmá fara dà á. Èyí tó dá gbogbo nǹkan rú ni ìgbà tó lọ tọ́jú ọmọ wọn obìnrin tó bímọ. Ó padà dé, ó fẹ́ sùn, ó sì bá páálí lórí ibùsùn, ní apá ibi tí òun máa ń sùn sí. Páálí náà tò rigidi láti ìrọ̀rí dé ibi ẹsẹ̀, wọ́n sì ga kan fèrèsé.

"Bàbá ọmọ mi, kí lèyí?"

"Àyè náà ṣófo ni," ni Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo wí. Ó rò pé òun dáhùn.

Màmá ò pariwo. Ó ní òun ń lọ sílé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, òun ò sì ní padà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jìnnà, òpin ìlú lọ́hùn-ún. Ó wá pe èmi, torí ọkọ̀ mi nìkan ló mọ̀. Ó ní kí n wá kó òun lọ́jọ́ kejì, kí ọkọ òun sì di ẹrù náà, òun ò fẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ òun fọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Mo débẹ̀, mo fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ di ẹrù yìí bí aláìmọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ kó wẹ́wẹ́ síwájú. Ẹ jẹ́ kó di ìrìn mẹ́ta. Bí a bá ti ń lọ tí à ń bọ̀, ẹ ó máa bẹ Màmá. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan la lọ, ó tán nìyẹn o. Wọn ò ní ìdí kankan láti padà síbí mọ́."

Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀. "Àbúrò, o ṣeun. Màá gbìyànjú."

Ó gbìyànjú lóòótọ́. Ó gbé àga ìdáná kan síwájú pátápátá, ó sì fi àyè gbàǹgbà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé páálí aṣọ kan lé e, ó jẹ́ kó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dúró, ó ń wò ó. Òógùn bò ó. Ó yíjú sí ògiri, ó tún yíjú padà. Lẹ́yìn náà ló kígbe pé "Olúwa ṣàánú mi!", ó sì fa gbogbo rẹ̀ jáde, ó tò ó síta láti orí ńlá dé orí kékeré, fìríìjì ló kọ́kọ́ wọlé. Kò sí bí a ṣe máa ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Inú bí mi débi pé mo lọ jókòó síbi ìjókòó awakọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mi ò sì wo ẹ̀yìn mọ́.

Nígbà tó parí, ó wá kan fèrèsé mi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo ni," ló wí, ó sì ń sunkún.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá wa lọ, ilé ló dúró sí. Màmá jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi, báàgì rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn. A dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ògiri ni mo rí. Fóòmù ńlá wọn ló dí gbogbo ẹnu ibẹ̀. Mo wá rí ohun tó ṣe: ó ti fi okùn di fóòmù náà títí ó fi rù, ó tì í sínú àyè tó kù, ó sì wá já okùn. Fóòmù wú, ó sì há gbogbo ẹrù mọ́ra. Mo fà á, kò mì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n Màmá jáde, bíríkìlà ni, apá rẹ̀ tó itan mi. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó fà á, ó fi ẹsẹ̀ ti ọkọ̀, ọkọ̀ gan-an ló mì. Ẹ̀gbọ́n Màmá ní kí á gé fóòmù náà. Màmá ní fóòmù òun, kí ẹnikẹ́ni má fọ̀bẹ kàn án. Ohun kan ṣoṣo tí a rí fà jáde ni ìkòkò kékeré kan ní igun. Sálúbàtà ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sì wà láàárín wọn.

"Sálúbàtà ta nìyí?" ni ẹ̀gbọ́n Màmá bi wá.

"Tiẹ̀ ni," ni Màmá wí. "Àyè ló kù nínú ìkòkò náà."

Mo ní kí á pè é lórí fóònù, kó sọ bí a ṣe máa ṣe é. Màmá tẹ nọ́ńbà. Láti inú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn fóòmù, fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Bíríkìlà jókòó sílẹ̀. Ẹ̀rín ló ń pa á. Ẹ̀gbọ́n Màmá pàtẹ́wọ́, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí irú èyí. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ kí fóònù náà dún títí tó fi dákẹ́, ó wá padà síbi ìjókòó rẹ̀ níwájú ọkọ̀.

"Awakọ̀, jẹ́ ká padà. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

Èmi pẹ̀lú ẹ̀kún ọkọ̀ tún la gbogbo ìlú kọjá. Ẹ ò rí nǹkan! Ọkùnrin tó kọ̀ láti rin ìrìn kejì ló rán wa ní ìrìn kejì, gbogbo ẹrù la sì tún fi rìn ín.

A bá a nínú ilé. Kò sí ohun kan níbẹ̀ mọ́. Kò sí àga, kò sí ẹní, kò sí ife. Ó dúró sáàárín yàrá, kò wọ bàtà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì so rọ̀. Tirẹ̀ náà ti tẹ̀ lé ti ìyàwó rẹ̀ pátá, torí àyè.

"Ẹrù ọ̀hún kọ̀, kò jáde," ni Màmá wí.

"Àpótí ìjókòó kan wà lábẹ́ fóòmù," ni ọkọ rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Òun ló gbé e ró. Ẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ fà á."

Ó tẹ̀ lé wa jáde lẹ́sẹ̀ lásán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan wá ẹsẹ̀ àpótí náà, ó fà á. Fóòmù jábọ́ sílẹ̀, ó dẹ̀, gbogbo ẹrù sì mí. Mo fẹ́ ṣépè, ṣùgbọ́n mi ò rí èyí tó tó o. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ó ti tú. Wọ́n á lè sọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún báyìí. Ẹ máa lọ."

Màmá dúró. Ó wo ọkọ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé, ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó kún fún eruku.

"Ẹ kó o wọlé," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má tò ó."

Ẹ wá wo ìyà! Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ kó o. Ó gbé kẹ́tù sáàárín ilẹ̀, òun nìkan. Báyìí ni ọwọ́ rẹ̀ gbá ife mú, ó ń gbé e lọ sínú kẹ́tù. Màmá hú ikọ́. Ó gbé ife náà sílẹ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Sísọ́ọ̀sì jáde, Màmá gbà á, ó sì fi sápò. Ìgbẹ̀yìn la gbé fóòmù wọlé, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a ò tíì to ibùsùn.

Ẹ̀ẹ̀kanṣoṣo lọ jókòó sí etí fóòmù náà, ní etí gan-an, débi pé ìdí rẹ̀ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀. Ìyókù rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ń wo àyè náà, kò sì fi ohunkóhun sí i.

Màmá jẹ́ kó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì lọ jókòó sí àyè tó ṣófo náà.