Gèlè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Wé

Onígèlè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ń rántí. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun, tó sì ti ń wé gèlè fún àwọn èèyàn, kò ju yàrá kan lọ: dígí gígùn lára ògiri, àga onírọ̀gbọ̀kú mélòó kan, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tó máa ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, àti fèrèsé kan tó kọjú sí títì. Ìdí fèrèsé yìí ló ń dá àwọn oníbàárà dúró sí kó tó ya wọ́n ní fọ́tò, torí pé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í pa irọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Láyé àtijọ́, fọ́tò àwọn obìnrin tí kò mọ̀ rí ló lẹ̀ mọ́ ògiri. Oníbàárà á nawọ́ sí ọ̀kan, á ní, "Bí èyí gẹ́lẹ́ ni o." Bó bá wé e tán tí kò yẹ ẹ́, ariwo á ta. Ìgbà tí ọmọbìnrin Onígèlè wá fi ohun kan tó lè wé gèlè sí orí ẹni nínú fọ́tò sórí fóònù rẹ̀ ni ara tó tù ú. Á ya ojú oníbàárà, á fi ìka kun ibi tí gèlè máa wà, láti iwájú orí lọ dé òkè etí, á sọ irú aṣọ àti àwọ̀ tó fẹ́, fóònù á sì yí lọ, yí bọ̀, á gbé àwòrán mẹ́rin jáde. Nígbà míì á gé etí kan dànù. Nígbà míì á ki yẹtí kan ṣoṣo bọ etí ẹni tí kò lu etí rí. Onígèlè á rẹ́rìn-ín, á ní, "Wò ó, ó ti lu etí fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́," á sì pa ìyẹn tì. Ṣùgbọ́n kì í fi ìka kan ojú. Tí wọ́n bá fi ìka kan ojú, fóònù á fún oníbàárà ní ojú ẹlòmíì, ojú tó dán, tí kì í ṣe ojú ìyá ẹnì kankan.

Bí àwòrán bá dára, ó di ti ṣọ́ọ̀bù. Bí aṣọ tuntun bá dé, Onígèlè kò ní ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni mọ́; á ṣí fọ́tò oníbàárà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, á wé aṣọ tuntun sí i lórí, á gbé e sórí ìkànnì ayélujára kí gbogbo èèyàn rí i. Ọ̀rọ̀ kan ló sì máa ń kọ sábẹ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà: "A ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e tán báyìí!" Kò rí i bí irọ́. Ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni lójú tirẹ̀.

Ojú tó gba gèlè jù nínú gbogbo wọn ni ti Ẹlẹ́yinjú, ìyàwó ilé kan tó ń gbé ní òdìkejì ìlú. Nígbà tí aṣọ aláwọ̀ elésè àlùkò dé, òun ló kọ́kọ́ sọ sí Onígèlè lọ́kàn. Ó wé e sí i lórí, ó gbé e síta, ó kọ ohun tó máa ń kọ, ó sì padà sídìí irun tó ń dì.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ẹlẹ́yinjú pè é. Kò kí i.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ṣe fún mi yìí?"

"Kí ló dé? Ṣé kò dáa ni?"

"Ọkọ mi kú. Kò tíì pẹ́ tá a sin ín. Àwọn èèyàn ẹ̀ rí fọ́tò tẹ́ ẹ gbé síta, wọ́n ní mo lọ wé gèlè lónìí. Wọ́n ní kí n kó ẹrù mi."

Ìyarun bọ́ lọ́wọ́ Onígèlè. Òun náà ti sin ọkọ rí. Ó mọ bí ilé ṣe máa ń rí nígbà yẹn, tí gbogbo èèyàn á máa ṣọ́ bó o ṣe mí. Ó pa àwòrán náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọkọ̀ lọ sílé Ẹlẹ́yinjú.

Nígbà tó wọlé, ìyá ọkọ wà lórí àga pẹ̀lú aṣọ dúdú àti ìborí dúdú. Ẹlẹ́yinjú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àpò ẹrù kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, ló wà lórí ìdúró.

Onígèlè kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kò wé gèlè kankan. Èmi ni mo fi fóònù wé e sí i lórí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ya fọ́tò náà. Ẹ wò ó, òun rèé láìsí gèlè."

Àǹtí gba fóònù náà, ó wo irun dídì tó wà lórí fọ́tò àkọ́kọ́, ó tún un wò.

"Ẹ ní ẹ lè fi fóònù wé gèlè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣebí ẹ lè fi tú u nìyẹn! Báwo la ṣe mọ èyí tó jẹ́ òótọ́? Tẹ́ ẹ bá wé e, ẹ lè tú u. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wé e tán. Àbí èmi ni mo kọ ọ́?"

Onígèlè gba fóònù rẹ̀ padà. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín," ló wá sọ. "Kí n ya ẹ̀yin, Àǹtí, kẹ́ ẹ rí i."

"Ojú tèmi kọ́! Kẹ́ ẹ tún lọ fi mí polówó!"

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ gbé orí sókè.

"Ya èmi."

"Mà?"

"Mo ní kó o ya èmi. Àbí ojú mi ò gba gèlè ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onígèlè ní kó jọ̀ọ́, kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó yà á. Ó fi ìka kun orí ìborí dúdú náà, ó ṣọ́ra kó má kan ojú, ó sì yan aláwọ̀ elésè àlùkò yẹn kan náà. Fóònù ń yí lọ, yí bọ̀. Àǹtí sún mọ́ wọn láìmọ̀.

Àwòrán jáde. Etí kan ti pòórá nínú èyí àkọ́kọ́, Onígèlè sì fi ìka tì í kọjá. Nínú ìkejì, ìyá ọkọ jókòó bí ayaba, gèlè náà tẹ́ rẹrẹ bí ìyẹ́ ẹyẹ, ojú rẹ̀ tó ti wú fún ẹkún sì wà lábẹ́ ẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà.

Ìyá náà wò ó títí. Ó fọwọ́ kan ìborí tó wà lórí ara rẹ̀ gan-an, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹni tó bá rí èyí," ó ní, "á ní ọmọ mi kú, mo ń ṣe fáàrí." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Gbé àpò yẹn padà sí yàrá ìyàwó."

"Màmá—"

"Mo ní kó o gbé e."

Àǹtí gbé e, pẹ̀lú òṣé. Ìyá náà kò wo Onígèlè mọ́. "Pa tèmi rẹ́, kó o tó jáde nílé yìí. Má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Inú mi ò tíì lè gba ẹ̀bẹ̀."

Onígèlè pa á rẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹlẹ́yinjú sìn ín dé ẹnu géètì.

"Àbúrò, tó bá jẹ́ pé mo gbọ́ ni…"

"Ẹ̀yin náà ti ṣe opó rí, mo mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ó ń wo ilẹ̀. "Nígbà tí Àǹtí na fóònù sí mi, kí n tó rántí ohunkóhun, mo rí ara mi nínú gèlè yẹn. Ó wù mí. Mo rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rín yẹn ni Àǹtí rí tó fi lọ kó ẹrù mi jáde. Kì í ṣe gèlè nìkan."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ pa fọ́tò mi rẹ́, èyí tí kò ní gèlè pàápàá. Mi ò fẹ́ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Onígèlè ṣí i níbẹ̀, ó sì tẹ ibi tí wọ́n fi ń pa á rẹ́. Fóònù bi í bóyá ó dá a lójú. Ojú tó gba gèlè jù ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń wò ó. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni." Nígbà tó gbé orí sókè, Ẹlẹ́yinjú ti wọlé, ó sì ti géètì.