Kí Màmá Lè Rí Ojú Mi

Tata Yéwándé máa ń lálàá láìsùn. Ó lè máa se irin iṣẹ́ ìgbẹ̀bí nínú omi gbígbóná, kí ojú rẹ̀ ti ré kọjá ògiri ilé ìgbẹ̀bí Tchaourou, kó ti dé Ṣábẹ̀ nísàlẹ̀ àwọn òkè, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Àwọn aláboyún tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń pè é ní Tata, ìyẹn àǹtí, a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Tata ti tún lọ o! Ẹ jẹ́ ká dúró dè é." Á rẹ́rìn-ín, á padà dé, á gbé ọwọ́ lé ikùn wọn. Ọwọ́ yẹn, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kì í lálàá rárá. Láti abúlé Kika títí dé Alafiarou, bí obìnrin bá ń rọbí, ó lè pe orúkọ Tata Yéwándé kó tó rántí ti ọkọ rẹ̀.

Ohun tó dára ni, àmọ́ ó ní ìyà tirẹ̀. Ọjọ́ wo ni àwọn obìnrin kì í bímọ? Ọdún ń gorí ọdún, Tata Yéwándé kò gba ìsinmi. Tó bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀, á bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, á dé lóru, á sì ti kúrò kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó yọ dáadáa. Ìdí fìtílà ni ìyá àti ọmọ ti ń ríra wọn. Kò sì mọ̀ pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ohùn òun nìkan ni ìyá òun ń rí.

Oko Màmá Àṣàkẹ́, ìyá rẹ̀, wà létí odò, àwọn eṣinṣin kéékèèké etí odò ló sì fi àrùn sí i lójú. Díẹ̀díẹ̀ ni ayé ń ṣú mọ́ ọn. Nígbà tí òdòdó kájú ń yọ lórí igi lọ́dún náà, ó rán ẹnìkan sí ọmọ rẹ̀: "Ẹ bá mi sọ fún Yéwándé pé ọ̀sán gangan nìkan ni mo ṣì ń ríran díẹ̀, nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí. Kó wá kí n wo ojú rẹ̀. Bó bá pẹ́, ìwọ̀nba ìríran tó kù yìí náà á ti lọ." Tata Yéwándé gbọ́ ọ, ó jókòó sórí ibùsùn ìgbẹ̀bí, ibi tí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó lásán, ó sì sunkún.

Lọ́jọ́ kejì ó mú bébà. Ìgbà Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kamarade, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ nínú ìjàkadì, ìwé ìjọba sì ní bó ṣe ń lọ. Ó kọ ọ́ sí Major, ìyẹn nọ́ọ̀sì àgbà tó jẹ́ olórí ibi iṣẹ́, kó lè fi ránṣẹ́ sí dókítà àgbà. Ó kọ "Kamarade" sókè. Ó kọ ọjọ́ tí ìsinmi máa bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí yóò parí, àti ọjọ́ tí òun máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó kọ orúkọ Kafilatou, ọ̀dọ́ agbẹ̀bí tó ti Bétérou wá, pé òun ló máa di ipò òun mú. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ: "Prêt pour la Révolution! La lutte continue!", ìyẹn ni pé a ti múra sílẹ̀ fún Rẹfolúsíọ̀n, ìjàkadì ń tẹ̀ síwájú. Ó wò ó lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán. Ìyá tó ń fọ́jú àti ìjàkadì tó ń tẹ̀ síwájú wà lórí bébà kan ṣoṣo, ó sì pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀.

Tidjani ni orúkọ Major náà. Ọmọdé ni sí Tata Yéwándé, nítorí náà bó bá pè é ní kamarade níwájú àwọn aṣojú ìjọba, Tata ló ń pè é nínú ọ́fíìsì. Ó ka ìwé náà, ó sì fọwọ́ lérán.

"Tata, mi ò ní fi ìsinmi congé yín dù yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ Kafilatou ṣì kéré. Aláboyún Alafiarou yẹn ńkọ́, èyí tí ọmọ rẹ̀ fi ìdí sísàlẹ̀?"

"Mo ti fi hàn án, Major. Mo ti gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ikùn obìnrin náà, ó ti mọ ibi tí orí ọmọ wà. Mo ní tí obìnrin náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọbí, kó tètè pè yín, kó má fa ọmọ náà rárá. Gbogbo àwọn tó máa bí lóṣù yìí, mo ti mú un lọ sílé wọn. Kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé òwú iná fìríjì oníkẹrosínì kí abẹ́rẹ́ àjẹsára má bàjẹ́."

"D'accord, ó dáa. Tí ọ̀rọ̀ bá wá le ju wá lọ? Tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ mọ̀ ọ́n, lónìí ó ń sọ̀rọ̀, lọ́la ó yadi. Báwo la ṣe máa rí yín?"

Ibẹ̀ ni Tata Yéwándé ti ṣe àṣìṣe tó jẹ́ ti àwọn ènìyàn rere bíi tirẹ̀. Major kò ní kó ṣe ju kó fi àdírẹ́sì sílẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á kí Major má lọ kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ló bá mú bíìkì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ kún un pé lójoojúmọ́, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ti Parakou sọ̀ kalẹ̀, tó gba Tchaourou kọjá dé Ṣábẹ̀, òun á wà ní ibùdókọ̀ láti gba iṣẹ́ tí wọ́n bá fi rán Mouftaou, tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ náà. Major wò ó, ó ní, "Lójoojúmọ́, Tata?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Major bá buwọ́ lù ú. Nígbà tí èsì dókítà àgbà dé, ó ti gbà á.

Ọkọ̀ tó gbé Tata Yéwándé lọ bàjẹ́ sọ́nà ní Kilibo, ìrọ̀lẹ́ ló wọ Ṣábẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa á lójú, lórí, léjìká, ó ní, "Kò burú. Lọ́la, lọ́sàn-án, mo máa rí ọ." Tata Yéwándé sùn bí ọmọ kékeré. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbálẹ̀, ó roúnjẹ, ó sì ń wo òjìji igi òroǹbó bó ṣe ń kúrú lọ lójú àgbàlá. Ìgbà tó kúrú tán ló gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ tó ń ti Parakou bọ̀, ọ̀sán gangan ló ń dé Ṣábẹ̀!

Ó sáré lọ. Kò síṣẹ́ kankan lọ́wọ́ Mouftaou fún un. Ìgbà tó fi gba gbogbo ìlú kọjá padà dé ilé, oòrùn ti yẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ní, "Ìwọ nìyẹn, Yéwándé?" bí ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ alẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mìíràn ọkọ̀ á pẹ́, Tata Yéwándé á sì jókòó lábẹ́ igi dọ́ńgóyárò ibùdókọ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti jókòó sílé. Ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ bó ti ń gbìyànjú láti dúró sílé, obìnrin Alafiarou yẹn ló ń rí lójú inú, tó ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Inú ń bí mi sí i bí mo ti ń sọ ọ́ yìí, àmọ́ mi ò lè bá a wí.

Ọjọ́ ìsinmi ń tán lọ. Ní ọjọ́ kan, Màmá Àṣàkẹ́ dìde kí ọ̀sán tó pọ́n, ó tẹ̀pá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí ìwọ ń lọ. Wọ́n ní ibẹ̀ lo máa ń wà nígbà tí ojú mi bá là. Mú mi dání."

Wọ́n rìn jẹ́jẹ́ gba àárín ìlú kọjá, afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn òdòdó kájú bọ̀, gbogbo nǹkan sì dákẹ́ bí ìgbà tí èèyàn ń rìn nínú oorun. Ní ibùdókọ̀, ìyá kò gbà kí wọ́n jókòó lábẹ́ igi. Ó ní ojú oòrùn lòun fẹ́. Wọ́n jókòó sórí òkúta, ó gbá ojú ọmọ rẹ̀ mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó gbé e súnmọ́ ti ara rẹ̀ títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó ń wò ó díẹ̀díẹ̀: iwájú orí, ojú, ẹnu.

Ilẹ̀ ń mì. Ọkọ̀ ojú irin ń wọlé.

"Tata Yéwándé!" Ohùn Mouftaou ni, láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Tata Yéwándé, Major rán mi sí yín!"

Gbogbo ara Tata Yéwándé fẹ́ dìde. Láti ọdún wọ̀nyí wá, bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀ báyìí, ó ti ń sáré kí wọ́n tó pè é tán. Ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ yí.

"Má yíjú," ni ìyá rẹ̀ wí. "N kò tíì rí ọ tán."

Kò yíjú. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún, kó má baà fi ọwọ́ bo ojú tí wọ́n ń wò. Mouftaou pè é títí, ó bá sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó rọra jíṣẹ́: obìnrin Alafiarou ti bí, Kafilatou àti Major ló gbẹ̀bí rẹ̀, ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Major ní kí Tata jọ̀wọ́ jókòó ti ìyá wọn, kí wọ́n má wá síbi ọkọ̀ mọ́. Tata Yéwándé gbọ́ ọ. Àtàǹpàkò ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, níbi tí awọ ti hunjọ.

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó kọjá lọ sí ìsàlẹ̀. Màmá Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó fà á lọ sí ẹ̀bá etí ọmọ rẹ̀, ó sì dá a dúró síbẹ̀.

"Ewú nìyí," ló wí. "Yéwándé, o ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi."