Ìlà Kìn-ín-ní

Gàgàrà báírò pupa ni olùkọ́ ìṣirò náà máa ń fi máàkì ìdánwò, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Báírò. Ó ní kí àwọn ọmọ fi hàn pé rúùtù méjì, ìyẹn nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá mú un lọ́nà ara rẹ̀, méjì ló ń jẹ́, kì í ṣe ìdá, ìyẹn odidi nọ́ńbà kan lórí òmíràn. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìdá ni.” Irọ́ gbuu! Ìyá Báírò fagi lé gbogbo ojú ìwé, ó fún un ní òdo.

Lẹ́yìn tó ti pín ìwé tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìyókù lórí tábìlì ọmọ náà. Ọmọ ti dín ìdá náà kù débi pé kò sí nọ́ńbà tó tún lè pín òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Òkè lọ́nà òkè wá jẹ́ ìlọ́po méjì ìsàlẹ̀ lọ́nà ìsàlẹ̀, nítorí náà méjì pín òkè. Èyí mú kí mẹ́rin pín òkè lọ́nà òkè, ni méjì bá tún pín ìsàlẹ̀. Méjì pín méjèèjì, bẹ́ẹ̀ a ti ní kò sóhun tó pín wọn pọ̀! Ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ gba irọ́ láyè kí òtítọ́ lè lé e bá.

Ìyá Báírò yíjú sí ọmọ náà.

“Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Kí ló dé tó ò wá bá mi?”

“Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí, mà, mi ò rí àṣìṣe kankan. Ni mo bá gba báírò yín gbọ́.”