Fáìlì Àwọn Lẹ́tà Faransé

Ọdún kọkànlá rèé tí Ìyá Fáìlì ti ń gba ìwé àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, Faransé ni kò gbọ́. Ímeèlì Faransé tó bá wọlé, inú fáìlì kan lórí kọ̀ǹpútà ló ń kó o sí de ògbufọ̀ tó máa ń wá ní Ọjọ́bọ̀. Ògbufọ̀ wá ṣàìsàn fún oṣù kan gbáko.

Lónìí tí ògbufọ̀ dé, ó ka lẹ́tà àkọ́kọ́ sókè ní Yorùbá:

“Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ìwé wo ni kí n fi ránṣẹ́? Ṣé kí n túmọ̀ ìwé-ẹ̀rí mi? Kí n má bàa ṣì í ṣe, mò ń dúró de èsì yín.”

Àná ni ìforúkọsílẹ̀ parí. Ìyá Fáìlì yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, mélòó ló kù?” ni ògbufọ̀ béèrè.

Ìyá Fáìlì fi àtẹ́lẹwọ́ bo iye lẹ́tà tó wà lójú kọ̀ǹpútà.